Ọmọ tí kò wọ ọkọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìtàn Nóà àti Ànábì Núhù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn, àṣìṣe kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́, mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá pé Kùránì ní Kénáánì ni orúkọ ọmọ Ànábì Núhù tí omi gbé lọ. Olùkọ́ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹsẹ wo?" Mo wá ẹsẹ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò rí i, torí kò sí níbẹ̀.

Ilé ni mo ti gbọ́ ọ. Mùsùlùmí ni ẹbí bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ti ìyá mi, ìtàn méjèèjì sì ti lọ́ mọ́ra wọn lọ́kàn mi kí n tó mọ̀wé kà. Ìgbà tí mo jókòó ti ìwé méjèèjì ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì, kò sí ọmọ Nóà kankan tó ṣègbé. Nóà àti ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ́mù, Hámù àti Jáfẹ́tì pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn, ènìyàn 8 ló wọlé, àwọn 8 náà ló jáde. Súrà Húdù, ẹsẹ 42 àti 43, ló sọ ti ọmọ kan tó dá dúró lọ́tọ̀. Ìgbì ti ga bí òkè nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é pé kó wá bá wọn wọkọ̀. Ó ní òun yóò gun orí òkè, òkè ni yóò gba òun lọ́wọ́ omi. Bàbá ní kò sí ohun tó lè gbani lónìí àfi ẹni tí Ọlọ́run bá ṣàánú. Ìgbì wá sáàárín wọn. Kùránì kò dárúkọ ọmọ náà rárá.

Níbo wá ni Kénáánì ti wá? Àwọn kan nínú àwọn onítumọ̀ Kùránì ayé àtijọ́ ló fún ọmọ náà lórúkọ yìí, àwọn mìíràn sì pè é ní Yámù. Nínú Bíbélì, ọmọ Hámù ni Kénáánì, ọmọ-ọmọ Nóà. Kò kú sínú omi. Ègún ló gbà lẹ́yìn ìkún-omi, nígbà tí Nóà mutí yó tí Hámù sì rí ìhòòhò rẹ̀. Orúkọ kan náà, ẹni méjì tó yàtọ̀. Látìgbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń ya ìwé mi sí: ohun tí Bíbélì sọ, ohun tí Kùránì sọ, àti ohun tí àwọn onítumọ̀ fi kún un.

Ẹ wo 950 pẹ̀lú. Ó wà nínú ìwé méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń tan ènìyàn. Jẹ́nẹ́sísì ní ọmọ 600 ọdún ni Nóà nígbà tí omi dé, ó tún lo 350 lẹ́yìn rẹ̀, ó wá kú lẹ́ni 950. Súrà Al-Ankabúútì, ẹsẹ 14, ní Núhù wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín àádọ́ta, ni omi bá gbá wọn mú. Níbí, ọdún tó lò láàárín wọn ṣáájú omi ni, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ìwé méjèèjì ní 950 ọdún ló gbé láyé, ẹ ti ṣì í.

Kí ló ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn? Ó ń wàásù. Súrà Núhù jẹ́ kí á gbọ́ ọ tó ń sọ fún Olúwa rẹ̀ pé òun pè wọ́n lóru, òun pè wọ́n lọ́sàn-án, sísá ni wọ́n ń sá. Ẹ wá padà sí Jẹ́nẹ́sísì kí ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹnu Nóà. Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀, ó ń fún un ní ìwọ̀n ọkọ̀, ìgbọ̀nwọ́ 300 ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga. Nóà ń ṣe é, kò fọhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ègún Kénáánì, ní orí 9. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju ohunkóhun lọ, torí láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù Nóà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà kejì Pétérù ló pè é ní oníwàásù òdodo, kì í ṣe Jẹ́nẹ́sísì.

Lẹ́yìn tí omi fà, Núhù tún sọ̀rọ̀ ọmọ náà: "Olúwa mi, ará ilé mi ni ọmọ mi." Èsì tó gbà ni pé kì í ṣe ará ilé rẹ̀, kó má béèrè ohun tí kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ó tọrọ ìdáríjì. Mo máa ń pẹ́ lórí ẹsẹ yẹn. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 7, ẹsẹ 16, nígbà tí gbogbo ilé Nóà ti wọlé tán, Olúwa fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nínú Súrà Húdù, ọkọ̀ ti ń lọ lórí omi, bàbá ṣì ń pe ọmọ rẹ̀.