Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀n dé bá oníbàárà mi ní Àbújá

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ń ra ọjà láti òkèèrè, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ìwé àdéhùn yín. Ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà kó tó fọwọ́ sí i: pé bí ìjà bá dé, abitiréṣọ̀n ni ẹ ó lọ, ìyẹn ni pé abitirétọ̀, ẹni tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yín ti sọ, ni yóò dá ẹjọ́ yín dípò kóòtù, bóyá ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Párísì. Lọ́yà ni mí, Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi lórí gbólóhùn yìí ló jẹ́ pé ìdájọ́ ti jáde kí wọ́n tó dé. Nígbà náà, ohun tí kóòtù wa lè bá wọn ṣe kò pọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Alàájì kan ṣàlàyé. Ó gbà kí n sọ ọ́, mo sì ti yí ohun tí èèyàn fi lè dá a mọ̀ padà. Ọmọ Ọ̀ffà ni, Sábọ̀n Gẹ́rì ní Kánò ló ti bẹ̀rẹ̀ òwò òróró ẹ̀pà kó tó kó ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí Wúsè. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, dọ́là 480,000 ni wọ́n dá a lé, ó sì san 192,000 sílẹ̀. Ẹ̀rọ dé, wọ́n tò ó. Alàájì ní òróró tó ń mú jáde kò tó iye tí wọ́n ṣèlérí, ló bá di 288,000 tó kù mú. Àwọn tó tà á gbé e lọ síwájú abitirétọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀n. Alàájì ò yọjú, kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ. Ìdájọ́ jáde pé kó san 288,000 náà, èlé 31,000, owó ẹjọ́ 46,000, àti 35,000 fún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá fún un lẹ́yìn náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400,000.

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi, ó ní, "Lọ́yà, ṣé Lọ́ńdọ̀n ni yóò máa pàṣẹ fún mi ní Nàìjíríà ni? Ẹ ṣáà sọ fún adájọ́ pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa."

Mo ní, "Alàájì, ẹ má bínú. Adájọ́ ò ní bi wá bóyá ẹ̀rọ dáa."

Ìdí rẹ̀ ni Àdéhùn Niu Yọ́ọ̀kì ti oṣù Kẹfà ọdún 1958. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1970, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti lé ní 170. Òfin Abitiréṣọ̀n àti Ìlàjà tí wọ́n ṣe ní 2023 gbé àdéhùn náà sínú òfin ilẹ̀ wa. Ohun tó sọ ni pé bí ìdájọ́ abitiréṣọ̀n lórí ọ̀rọ̀ òwò bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú àdéhùn náà wá, kóòtù wa gbọ́dọ̀ kà á sí, kó sì jẹ́ kí wọ́n gba owó wọn, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ìdí díẹ̀ tó wà ní abala 5 àdéhùn náà bá wáyé. Pé abitirétọ̀ ṣi ẹ̀rí kà tàbí ṣi òfin túmọ̀ kò sí nínú àwọn ìdí náà. Kóòtù kì í tún ẹjọ́ gbọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìdájọ́ nìkan ló ń wò.

Ohun tí àwọn lọ́yà ẹni tó ta ẹ̀rọ kó wá sí kóòtù gíga ní Maitámà kéré débi pé ó ya Alàájì lẹ́nu: ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n jẹ́rìí sí, ẹ̀dà ìwé àdéhùn tí gbólóhùn abitiréṣọ̀n wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Ká ní èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ìdájọ́ náà, wọn ì bá fi ìtumọ̀ tí ògbufọ̀ tó búra ṣe tì í. Bí wọ́n bá ti kó ìwọ̀nyí sílẹ̀, iṣẹ́ tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọrùn ẹni tí kò fẹ́ san owó ni ẹrù ẹ̀rí wá wà. (Kóòtù gíga Àbújá ni wọ́n lọ, kì í ṣe kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ rírà àti títà lásán ni, kóòtù tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irú rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ṣi ẹnu ọ̀nà yìí gbà yóò fi ọdún gbáko jà lórí àṣẹ kóòtù.)

Èyí tí a kọ́kọ́ dì mú ni pé Alàájì ò gbọ́ nípa ẹjọ́ náà. Ìdí tó lágbára ni, bó bá jẹ́ òótọ́. Bí wọn ò bá fi tó o létí bó ṣe yẹ pé wọ́n ti yan abitirétọ̀, tàbí pé ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí bí wọn ò bá fún ọ láyè láti sọ tẹnu rẹ, kóòtù lè kọ ìdájọ́ náà. Ká ní abitirétọ̀ gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tó gbé ìdájọ́ kà á, tí kò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á kó fèsì, inú ìdí yìí ni yóò bọ́ sí.

Ohun tó dé bá tiwa nìyí. Inú ìwé àdéhùn, wọ́n kọ ọ́ pé àdírẹ́sì Alàájì ní Bọ́mpáì ní Kánò àti ímeèlì ẹ̀ka ìṣirò owó rẹ̀ ni wọn yóò máa fi ìwé ránṣẹ́ sí, títí yóò fi kọ̀wé sọ pé òun ti pààrọ̀ wọn. Nígbà tó kó lọ sí Wúsè, kò sí ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Máígáàdì ibi àtijọ́ ló gba lẹ́tà, òun ló sì fọwọ́ sí ìwé ẹni tó gbé e wá. Mo ṣì rò pé a lè jà lórí ìyẹn, nítorí máígáàdì kì í ṣe òṣìṣẹ́ Alàájì mọ́. Àmọ́ àwọn lọ́yà wọn so ojú ìwé kan mọ́ ìwé ìbúra wọn. Ímeèlì ni. Ẹni tó ń bójú tó ìṣirò owó Alàájì ti dá wọn lóhùn ní ọjọ́ kejì tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé: "A ti rí ìwé yín gbà. A ó padà bá yín sọ̀rọ̀." Kò padà bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Adájọ́ ka ìlà méjì náà síta nínú kóòtù, ó ní ẹni tí wọ́n pè tí kò jẹ́ kò lè ní wọn ò pe òun.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá sọ fún mi pé òun ò gbọ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè gbogbo àpótí ímeèlì ilé iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ti àwọn tó ti kúrò níbẹ̀, kí n tó kọ ìlà kan nínú ìwé ìbúra. Adájọ́ tó bá ti rí i pé ìbúra kan kò rí bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú rere wo ìyókù mọ́.

Ibi tí a ti rí nǹkan gbà ni 35,000 dọ́là ti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ìwé àdéhùn ẹ̀rọ ni gbólóhùn abitiréṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Àdéhùn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ dá dúró, oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe é, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni pé kóòtù Nàìjíríà ni yóò gbọ́ ìjà tó bá tibẹ̀ yọ. Nítorí náà, abitirétọ̀ ti kọjá ohun tí àwọn méjèèjì gbé lé e lọ́wọ́. Ìdí tí abala 5 mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí a bá lè ya apá tó kọjá àyè kúrò lára ìyókù, ìyókù yóò dúró. Owó yìí dá wà lójú ìwé tirẹ̀ nínú ìdájọ́, kò sí ohun tó lọ́ ọ mọ́ ìyókù. Adájọ́ gé e kúrò, ó fi 365,000 sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ṣì lè gba kóòtù ibí lọ pè é lẹ́jọ́ tuntun, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀.

Àwọn ìdí tó kù kò kan wa. Pé àdéhùn abitiréṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé wọ́n yan abitirétọ̀ lọ́nà tí àdéhùn ò sọ, pé ìdájọ́ ò tíì di dandan tàbí pé kóòtù ibi tí wọ́n ti ṣe é ti fagi lé e, pé irú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí abitiréṣọ̀n lè gbọ́ rárá.

Ó ku ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn máa ń sá bá: pé ìdájọ́ náà lòdì sí ohun tí orílẹ̀-èdè wa lè fara mọ́. Àbúrò Alàájì ló tẹnu mọ́ ọn. "Wọ́n ṣáà fagi lé ti P&ID," ó ní. Mo lóye ìdí tó fi sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé Àbújá tí kò gbọ́ ẹjọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ni P&ID, ó gbé Nàìjíríà lọ sí abitiréṣọ̀n lórí àdéhùn gáàsì. Bílíọ̀nù dọ́là 6.6 ni wọ́n dá lé Nàìjíríà lórí ní 2017, èlé sì gbé e kọjá bílíọ̀nù 11, kí Adájọ́ Knowles tó dá a láre fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà á là. Ẹ̀rí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ nínú ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ níwájú àwọn abitirétọ̀ wà níbẹ̀, ìwé àṣírí Nàìjíríà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bá a jà náà wà níbẹ̀. Kóòtù ìlú tí abitiréṣọ̀n fìdí kalẹ̀ sí ló sì gbọ́ ọ, kì í ṣe kóòtù tí wọ́n ti ń gba owó. Kí gbèsè pọ̀ jù tàbí kí ìdájọ́ korò lẹ́nu kò tó. Mo kọ̀ láti fi í sínú ìwé wa.

Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n yẹn ì bá wà fún Alàájì náà, ṣùgbọ́n òfin wọn fún èèyàn ní ọjọ́ 28 láti ìgbà tí ìdájọ́ bá ti jáde, kò sì tíì mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí wọ́n fi pé. Ká ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ìfagilé níbẹ̀ ni, kóòtù wa lè dá tibí dúró díẹ̀, ó sì tún lè ní kó fi ohun ìdúró sílẹ̀ kó tó gbà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹnì kan gba Alàájì nímọ̀ràn pé kó máa fa ọ̀rọ̀ náà títí ọdún mẹ́fà tí òfin fún èèyàn láti fi gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní kóòtù yóò fi pé. Lóòótọ́, nínú ẹjọ́ City Engineering ní 1997, kóòtù tó ga jù lọ sọ pé ìgbà tí ìjà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti máa ka ọdún, kì í ṣe ìgbà tí ìdájọ́ jáde, èyí sì pa àwọn ìdájọ́ kan kú nítorí pé abitiréṣọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ ọdún. Òfin 2023 ti yọ àkókò tí abitiréṣọ̀n gbà kúrò nínú ìṣirò náà. Mo ṣe ìṣirò ọ̀hún sórí bébà níwájú rẹ̀, ó wò ó, ó ní kí n pe àwọn lọ́yà wọn. A gbà pé yóò san 365,000 náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n sì yọwọ́ kúrò lórí àkáǹtì báńkì rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí kóòtù dè.