Orúkọ Géèmù Tó Le, Tí Ọwọ́ Sì Lè Tètè Tẹ̀

Tí ikọ̀ bá ti pé sí lọ́bì, tí aago sì ti ń kà sílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè ka orúkọ gígùn. Àwọn mẹ́ta yòókù fẹ́ pín iṣẹ́ kíákíá: ta ló máa ṣíwájú, ta ló máa mú ìbọn ọ̀nà jíjìn, ibo la máa balẹ̀ sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣòroó tẹ̀, wọ́n á kàn pè é ní “ìwọ yẹn”, tàbí kí wọ́n máà pè é rárá. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ tá a sì jọ máa ń gbá Call of Duty: Mobile lórí fóònù lálẹ́ pọ̀ níbí, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Ohun tí mo rí kọ́ láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ń dùn mí tí ọmọ tó mọ géèmù bá gbé orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò lè pè kọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé àmì ló ń mú orúkọ le. Wọ́n á fi idà síwájú, wọ́n á fi adé sẹ́yìn, wọ́n á lọ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà aláràbarà láti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn lẹ́tà aláràbarà yẹn kì í ṣe a-b-d tó wà lórí kíbọọ̀dù wa. Àmì mìíràn ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí, ó kàn jọ a-b-d lójú ni. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ orúkọ yín bó ṣe rí i kò ní rí yín nínú àwárí, fóònù tí kò bá sì ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á fi àpótí kéékèèké òfìfo rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí gbogbo orúkọ rẹ̀ jẹ́ àpótí mẹ́fà lójú ẹnìkejì rẹ̀. Líle ò sí níbẹ̀.

Inú ìró ni líle wà, Yorùbá sì ní ìró yẹn lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ gbọ́ bí “gb”, “k”, “b” àti “j” ṣe ń dún nígbà tẹ́ ẹ bá ń pariwo orúkọ nínú gbohùngbohùn: Gbọ̀nkáà, Jagun, Kakaǹfò, Balógun. Ẹ wá fi wọ́n wé orúkọ tó kún fún “l” àti “y”. Orúkọ tó ní sílébù méjì tàbí mẹ́ta ló dára jù, nítorí èémí kan ṣoṣo lẹni tí ọ̀tá ń lé máa fi pè é.

Ibi tí àwa Yorùbá ti ní ìṣòro tiwa gan-an rèé, mi ò sì tíì gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wa tó le ni fáwẹ̀lì ń bẹ̀rẹ̀: Ìjì, Iná, Ìjà, Ogun, Ológun. I ńlá àti O ńlá sì ni lẹ́tà méjì tó ń tan ojú jù lórí ojú fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tí géèmù ń lò, I ńlá àti l kékeré kò yàtọ̀ síra, ọ̀pá kan lóòró ni àwọn méjèèjì. “Iji” àti “lji” á wà nínú lọ́bì kan náà, ojú ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Ogun” àti “0gun”, tí òdo ló ṣíwájú ìkejì. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa. Wọ́n á fi lẹ́tà tó jọra ṣe orúkọ ẹni táwọn èèyàn mọ̀, wọ́n á wá máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ìyọnu yẹn á dín kù púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn orúkọ oyè ogun ju orúkọ nǹkan lọ. Jagun, Gbọ̀nkáà, Balógun, Sẹ́ríkí, Tìmì: kò sí èyí tó fi I tàbí O bẹ̀rẹ̀ nínú wọn.

Ẹ tún wo àmì ohùn àti àmì abẹ́. Mo fẹ́ràn kí a máa kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ géèmù yàtọ̀. Minecraft kò gbà ju lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ (_) lọ, láti 3 sí 16. PlayStation náà ò kọjá 16, orúkọ tuntun lórí Xbox kò sì ju 12 lọ. Àwọn géèmù tó tiẹ̀ gba àmì ń ka wọn ní tiwọn: nínú “Gbọ̀nkáà”, lẹ́tà méje lojú wa rí, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń kà, torí pé àmì tó wà lórí ọ̀ kò bá lẹ́tà rẹ̀ di ẹyọ kan. Ẹni tó bá wà ní Brazil tàbí Íńdíà, tí ẹ jọ wà nínú ikọ̀, kò ní ọ lórí kíbọọ̀dù rẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ bọ́ àmì kúrò kí ẹ tó yan orúkọ, kí ẹ sì wo ohun tó kù. Ẹkùn á di “Ekun”, ọmọ Yorùbá mìíràn lè kà á sí ẹkún. Ogun ní tirẹ̀, bí wọ́n bá kà á sí Ògún, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe yan ti àbúrò ìyàwó mi. Ó ti wà lórí géèmù tipẹ́, orúkọ tó sì ń jẹ́ ni “xX_ṢàngóOlúkòso_Xx”. Ó mú un wá bá mi pé òun fẹ́ lọ máa gbá Minecraft àti géèmù Xbox pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun, wọn ò sì gba orúkọ náà.

Mo ní kó kà á. Ó jẹ́ méjìdínlógún. A yọ xX àti ìlà ìsàlẹ̀ kúrò, a bọ́ àmì, ó ku “SangoOlukoso”, méjìlá géérégé. Ó wọ ibi gbogbo, inú rẹ̀ dùn. Mo wá ní kó dúró, mo pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù, mo sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. “Shango olukosho” ló tẹ̀. Ṣ ló fa wàhálà yẹn: àwọn kan ń kọ ọ́ ní s, àwọn kan ní sh, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí ẹni tó ni orúkọ yàn.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣùgbọ́n Ṣàngó ni mo fẹ́ o,” ló wí.

Mo ní kó wo ìtàn Ṣàngó fúnra rẹ̀, bóyá ó lè rí ẹlòmíràn tó le níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pariwo Gbọ̀nkáà, jagunjagun Ọ̀yọ́ tó ṣẹ́gun Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tó sì wá kojú Ọba Ṣàngó. Ta ló tún ń wá líle ju ìyẹn lọ? A kọ ọ́ sílẹ̀: “Gbonka”. Lẹ́tà mẹ́fà ni. Kò sí I, kò sí l, kò sí ṣ. O kan ló wà nínú rẹ̀, àárín kọ́ńsónáǹtì ló sì wà, níbi tí ojú kò ti lè rò pé òdo ni. Mo tún pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. A wá fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan tó ń gbé ní Kánádà, tí kò gbọ́ Yorùbá, pé kó máa fi pe àbúrò mi nínú géèmù. “Bonka” ló ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n “gbonka” ló ń tẹ̀ nínú ṣáàtì, torí ó ń rí i lójú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kan ṣì wà tí mi ò ní fò. Ẹ di fóònù mú bẹ́ ẹ ṣe ń dì í mú nínú géèmù, ní ìbú, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orúkọ náà ní lẹ́tà kékeré pẹ̀lú àṣẹ kan lẹ́yìn rẹ̀:

```
gbonka osi
```

Tí ọwọ́ yín bá ní láti kúrò lójú kíbọọ̀dù lẹ́tà lọ sí ojú àmì kó tó parí orúkọ, ẹ yí i padà. Ohun tí ìlà ìsàlẹ̀ àti nọ́ńbà ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń fi kún títẹ̀, ẹlòmíràn á sì kàn fi wọ́n sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gba orúkọ tẹ́ ẹ yàn. Orúkọ kúkúrú tó dára kì í pẹ́ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bà á jẹ́, wọ́n á sọ o di òdo, “Gb0nka”, wọ́n á sì di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn wá kiri. Ẹ má fi ọdún ìbí yín sí i, torí ẹ ń sọ ọjọ́ orí yín fún àjèjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kún un lẹ́yìn, tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá kí ojú lè rí ibi tó ti já: “GbonkaJa”, “GbonkaDudu”. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe iwájú, torí apá àkọ́kọ́ orúkọ làwọn èèyàn ń tẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á tẹ “gbonka”, gbogbo ikọ̀ á sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí orúkọ, nítorí yíyí i padà ní iye tirẹ̀. Ní Roblox, 1,000 Robux ni. Ní Minecraft, ẹ ní láti dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó tún yí i. Ní Call of Duty: Mobile, káàdì ìyírúkọ lẹ máa wá. Àbúrò ìyàwó mi lo káàdì tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tá a yan Gbonka, ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ tó sì wọlé fún un ní lọ́bì ni “gbonka iwaju”.