Nílé àti níbí: ilẹ̀, ojú àti ohùn nínú ọdún àkọ́kọ́ ọmọ

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè méjì á mọ̀ pé kì í ṣe ohun ìṣeré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Nílé, ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn ni àkọ́bí mi fi lo ìdajì ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Níbí, àbúrò rẹ̀ ní ilẹ̀ gbalasa, ó ní ẹní tó nípọn tí wọ́n ya ẹranko sí, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ di alẹ́, ohùn èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Èkíní ní èèyàn, kò rí ilẹ̀; èkejì rí ilẹ̀, kò ní èèyàn. Ọmọ sì nílò méjèèjì. Eré la lè fi dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n eré ọmọ oṣù méjì kì í ṣe eré ọmọ oṣù mẹ́jọ.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ibi kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ tuntun kì í rí ọ̀ọ́kán. Ohun tó bá wà ní nǹkan bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú rẹ̀ ló ń rí dáadáa, bí ojú ẹni tó ń fún un lọ́mú ṣe jìnnà sí tirẹ̀ náà nìyẹn. Ojú èèyàn ni ohun ìṣeré àkọ́kọ́. Ẹ gbé ojú yín súnmọ́ ọn, ẹ dúró títí ojú rẹ̀ á fi gbá tiyín mú, kí ẹ wá rọra máa gbé orí yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á tẹ̀ lé yín, á sọ yín nù, á tún máa wá yín. Àwọn nǹkan mèremère tí wọ́n ń so rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ níbí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àgbà tó dúró létí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko náà kọjú sí. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ni ọmọ tó wà nílẹ̀ ń rí, bó bá tiẹ̀ ríran débẹ̀. Àwọ̀ wọn tún máa ń rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ló ń fa ojú ọmọ tuntun mọ́ra.

Bí ọmọ bá yí ojú kúrò, tó ń yán, tó ń ṣe òsúkè, tàbí tó na ìka ọwọ́ rẹ̀ yàyà, eré ti tó nìyẹn. Nílé, níbi tí èèyàn mẹ́rin ti lè máa pe ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, àmì yìí ni wọn kì í sábà rí. Ńṣe ni wọ́n tún ń mì í sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di méjì ni ọ̀rọ̀ kí ọmọ máa dakùn délẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú ni àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń kọ́ àwọn òbí pé kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Níbi tí wọ́n ti gba ìmọ̀ràn náà, ikú òjijì tó ń pa ọmọ lójú oorun dín kù ju ìdajì lọ. Kí ẹnikẹ́ni má yí ìyẹn padà. Àmọ́ ọmọ tó fi ẹ̀yìn sùn, tí wọ́n tún dè mọ́ àga inú ọkọ̀, tí wọ́n gbé bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí wọ́n tún gbé sórí àga tó ń mì nígbà tó délé, kò sí ìgbà tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn àti apá rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Bó ṣe sábà máa ń rí níbí nìyẹn.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ tí kò tíì lè rákòrò máa dakùn délẹ̀ fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí wọ́n pín in sí ìgbà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ má wà ní dídè ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ka ẹ̀yìn ìyá mọ́ ohun tí wọ́n ń dè é mọ́. Inú àwọn tó wà nílé kò ní dùn sí gbólóhùn yẹn. Òótọ́ ni pé ọmọ tí a pọ̀n kì í fi ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti nǹkan, ó ń gbọ́ ohùn, ara rẹ̀ sì ń bá ara ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ wà nínú aṣọ. Apá ló sì máa fi ti ara rẹ̀ dìde nílẹ̀ bó bá yá.

Orí àyà yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kódà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ da ọmọ dé àyà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó lè gbé orí wá ojú yín. Lẹ́yìn náà ẹ da á dé itan yín. Tó bá wá di ti ilẹ̀, ẹ ká táwẹ́lì kékeré, ẹ fi sábẹ́ àyà rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ abíyá, kí apá méjèèjì kọjá síwájú. Bí ìgunpá bá wà lẹ́yìn èjìká, kò ní rí ohun fi ti ara rẹ̀, ẹkún ló máa sun. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀ ló dára fún un, kì í ṣe ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Kí ẹ̀yin náà dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ojú yín àti tirẹ̀ jọ wà nísàlẹ̀. Bó bá ti gbé ojú lé ilẹ̀ láìgbé e mọ́, ẹ gbé e. Tó bá fi máa pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, á lè fi apá ìsàlẹ̀ ti ara rẹ̀, kó gbé orí àti àyà sókè.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbí bí ọmọkùnrin. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ wo orí rẹ̀ láti òkè, ó rí i pé ẹ̀yìn orí lápá ọ̀tún ti tẹ́ pẹrẹsẹ, etí ọ̀tún sì ti sún síwájú díẹ̀ ju ti òsì lọ. Ọ̀tún ni ọmọ náà máa ń kọjú sí ṣáá. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: apá òsì bẹ́ẹ̀dì fara ti ògiri, ọ̀tún ni ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ìyá ti ń wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ọrùn náà kọ̀ láti yí ni, tàbí kò wulẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó yí. Wọ́n fi ohun tó ń dún fà á lọ sí òsì. Ó yí, ṣùgbọ́n kò yí dé èjìká bó ṣe ń ṣe ní ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan, ẹni náà rí i pé iṣan ọrùn kan le, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa rọra nà án.

Eré ni ìyókù. Wọ́n yí ibi orí àti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ padà nínú bẹ́ẹ̀dì, kí ilẹ̀kùn lè wà ní òsì rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ṣì fi ń sùn, wọn kò sì fi ìrọ̀rí kankan sábẹ́ orí rẹ̀, torí ìrọ̀rí lè dí ọmọ nímú. Wọ́n pààrọ̀ apá tí wọ́n fi ń gbé e jẹun. Bó bá ti dakùn délẹ̀, òsì ni bàbá rẹ̀ máa ń sùn sí. Wọ́n á gbé ṣaworo sí ọ̀gangan imú rẹ̀, wọ́n á dúró kó rí i, wọ́n á wá fà á lọ sí òsì díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá já, wọ́n á padà sí àárín. Ọrùn ló kọ́kọ́ dá. Orí fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó gún, oṣù ló gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Láti oṣù mẹ́rin sí oṣù méje, ọwọ́ àti ẹnu ni gbogbo eré. Síbí onígi, kọ́ọ̀bù, aṣọ tó le àti èyí tó rọ̀, ó tó. Ẹ fún un ní ọ̀kan, kó gbé e bọ ẹnu, kó gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì, kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíràn. Ohunkóhun tó bá lè gba inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ lè há a lọ́nà ọ̀fun. Bátìrì róbótó bíi bọ́tìnì burú ju gbogbo wọn lọ, torí ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn, èyí tí ọmọ ń jókòó sáàárín rẹ̀ tó ń yí kiri. Nílé, ẹ̀bùn iyì ni. Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004. Orí ìka ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń tì í, kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kì í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró láìṣubú, eré tó sì ń sá nínú rẹ̀ lè gbé e já sórí àtẹ̀gùn kí àgbà tó na ọwọ́. Ọmọ tó ń di àga mú rìn lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́, láìwọ bàtà, ń kọ́ ìrìn.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ilé ti borí ibí. Ní bíi oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ “ba-ba-ba” àti “da-da-da”. Àkókò yẹn náà ni etí rẹ̀ ń yan ìró tí yóò máa fi sọ́kàn. Ìwádìí fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, agbára àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ máa ń dín kù. Èyí kan àwa tí èdè wa dúró lórí àmì ohùn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án máa bá ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà ṣeré fún ìgbà 12. Wọ́n mọ ìró èdè náà. Àwọn tó gbọ́ ọ láti inú fídíò kò mọ nǹkan kan.

Nítorí náà, fídíò orin ọmọdé kò lè dípò ìyá àgbà. Ìyá àgbà lórí fóònù lè ṣe é díẹ̀, bó bá ń dá ọmọ lóhùn. Mo ní kí màmá mi má máa sọ̀rọ̀ lọ láìdúró. Bí ọmọ bá ní “ba”, kí wọ́n ní “ba! O fẹ́ bàtà?”, kí wọ́n wá dákẹ́, kí wọ́n ka ení dé àrún nínú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń le fún àgbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń wá ohùn tó máa fi dáhùn. Èmi tí mo jókòó tì í á gbé bàtà náà sójú rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń wò ni kí ẹ dárúkọ, kì í ṣe ohun tó wù yín kó wò. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí nǹkan, ní bíi oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá, ìka yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bojúbojú dára ní àsìkò yìí. Ẹ kọ́kọ́ bo ìdajì nǹkan kí ìdajì hàn, nígbà tó bá ń ṣí i láìjanpata, ẹ wá bò ó tán.

Fún ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú àsìkò, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni kí ẹ ti máa ka oṣù rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 32 fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yára. Bó bá pé oṣù márùn-ún, eré ọmọ oṣù mẹ́ta ló kàn án. Tí ọmọ bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan, ẹ má sọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wo ọwọ́ kejì. Bó bá sì tó oṣù mẹ́wàá tí kò sí “ba-ba” kankan, wọ́n á sọ fún yín níbí pé èdè méjì ló dà á láàmú, wọ́n á sì ní kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Gbígbọ́ èdè méjì kì í dá ọmọ dúró. Àyẹ̀wò etí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún.