Ọ̀nà tí ìròyìn Baga ìbá gbà dé Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní yàrá tí a ti máa ń mu tíì láàárín òru, a kì í sì í pa á. Láti ọjọ́ keje oṣù náà, Páríìsì nìkan ló wà lójú rẹ̀. Àwọn agbébọn pa ènìyàn 12 ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Charlie Hebdo àti àyíká rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta sì fi pé, àwọn tí wọ́n pa ní ìlú náà àti àyíká rẹ̀ ti di 17. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti mọ orúkọ àwọn ayàwòrán tó kú àti irú àwòrán tí wọ́n ń yà.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àbúrò mi pè mí láti Ìbàdàn pé Bókó Háráámù ti run Baga, ìlú àwọn apẹja tó wà létí adágún Chad ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọjọ́ kẹta oṣù ni wọ́n ti wọ ibẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń gbọ́ Haúsá ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó wo tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní: “Ó dá ẹ lójú? Ṣé wọn ò ní ti sọ ọ́ ni?” Kò sọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tí kò bá sí lójú tẹlifíṣọ̀n kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ń ṣe sí àwọn ìlú mìíràn tí n kò ní àbúrò níbẹ̀.

Ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1870, ilé iṣẹ́ akóròyìnjọ mẹ́ta ní Yúróòpù ṣe àdéhùn, wọ́n pín ayé láàárín ara wọn bí ẹni pín oko bàbá wọn. Reuters ti Lọ́ńdọ̀nù mú àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Havas ti Páríìsì mú ti Faransé, Wolff ti Bàlíìnì sì mú apá tirẹ̀ ní Yúróòpù. Irú àdéhùn yìí ni wọ́n ń lò títí di àwọn ọdún 1930. Èkó àti Àjàṣẹ́ kò jìnnà síra wọn rárá, ọ̀sà kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà láàárín wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó fi gba ìlú méjèèjì tán, ìròyìn Èkó Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ, ti Àjàṣẹ́ Páríìsì ló ń lọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó lé lórí nínú tẹlígíráàmù, nítorí náà ohun tí oníṣòwò òkèèrè fẹ́ gbọ́ ló ń rí owó ọkọ̀ san: iye epo pupa, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ìlú tó ṣọ̀tẹ̀.

A gba òmìnira, ṣùgbọ́n wáyà náà kò yí ojú padà. Reuters ṣì wà. AFP ló gba ipò Havas ní ọdún 1944. AP ti Amẹ́ríkà ni ìkẹta wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Seán MacBride darí fún UNESCO kọ ọ́ síwèé ní ọdún 1980 pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìròyìn ń ṣàn gbà, láti ọ̀dọ̀ olówó sí ọ̀dọ̀ tálákà, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ó wà lára ohun tí Amẹ́ríkà fi kúrò nínú àjọ náà ní ìparí ọdún 1984, tí Gẹ̀ẹ́sì náà sì kúrò ní ìparí ọdún 1985.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó o. Kò sí bí akọ̀ròyìn ṣe lè wọ Baga lọ́jọ́ náà. Àwọn tó sá dé Maiduguri tàbí tó sọdá sí ilẹ̀ Chad ni wọ́n ń bi léèrè. Iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ní iye tó kú kò ju 150 lọ, àwọn mìíràn ní ó lè tó 2,000, olóòtú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì mọ èyí tí òun yóò gbé. Ààrẹ Goodluck Jonathan kẹ́dùn pẹ̀lú Faransé kíákíá, ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa Baga. Bí olórí ilé bá dákẹ́, kí ni àlejò yóò gbà sílẹ̀? Síbẹ̀, Páríìsì kò dúró de iye tó péye kí ó tó di ìròyìn. Kámẹ́rà ti wà ládùúgbò kí ìbọn tó dún.

Ìbéèrè tí mo wá ń bi ìròyìn nílẹ̀ wa láti ìgbà náà ni pé ta ni a jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo máa ń wo ìlú tí akọ̀ròyìn ti kọ ọ́ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà mo máa ń ka àwọn tí wọ́n dárúkọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú àti aṣojú ìjọba ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná kàn jẹ́ “obìnrin kan” tàbí “àwọn ará abúlé”.

Ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù náà, Amnesty International gbé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà síta, ọ̀kan láti ọjọ́ kejì oṣù, ọ̀kan láti ọjọ́ keje. Ilé tó bàjẹ́ tàbí tó jóná ní Baga àti ní Doron Baga tó wà nítòsí rẹ̀ lé ní 3,700. Ní òru ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè mí wá síwájú tẹlifíṣọ̀n. “Ṣé ìlú tí o sọ nìyẹn?” Láti òkè ọ̀run ni wọ́n ti ya àwòrán méjèèjì. A rí ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀, a rí igi, a kò rí ojú ẹnì kankan.