Wọ́n ní oríire ni, mo bá wọn rẹ́rìn-ín

Ọ̀rẹ́ mi tí mo kọ́kọ́ sọ fún pé ìyàwó ọ̀gá mi ń fipá bá mi lò pariwo pé, "Ìyàwó ọ̀gá fúnra wọn? Orí ẹ mà ń ṣiṣẹ́ o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó tún la ẹnu.

Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ilé ọ̀gá ni mò ń gbé. Ìyàwó ọ̀gá a tilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń lọ aṣọ mọ́ èmi àti àwọn. Tí mo bá ní mi ò ṣe, wọn á ní àwọn á sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo fẹ́ fipá bá àwọn lò. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Fírídọ̀mù mi sì ti kù díẹ̀.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn kọ́ ló dí mi lẹ́nu jù. Ara mi ni. Mo ń kọ̀ ọ́ lọ́kàn, ara ò bá mi kọ̀, mo wá gbà pé èmi náà ló fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń gba irú wa nímọ̀ràn ló là mí lóye: bí ojú ṣe ń ṣomi nídìí àlùbọ́sà láìjẹ́ pé ẹnì kankan kú, bẹ́ẹ̀ ni ara ọkùnrin ṣe lè dáhùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà nínú ìbẹ̀rù. Ó ní àwọn mìíràn a tún le gbagidi, wọn ò ní lè ké, wọn ò ní lè jà, bó ti wù kí wọ́n sígbọnlẹ̀ tó. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ tiyín, ẹ kọ́kọ́ dán ẹni náà wò. Ẹ sọ ọ́ bí ìtàn ẹlòmíràn. Tó bá fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ wá ẹlòmíràn. Kò sì pọn dandan kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀. "Wọ́n fipá bá mi lò" ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní tèmi, òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù ló máa ń dá mi padà sí yàrá yẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí n máa dárúkọ ohun tí mo ń rí lọ́wọ́lọ́wọ́: fèrèsé, sísọ́ọ̀sì, òwú pupa. Òórùn náà ṣì ń dé, ṣùgbọ́n kì í gbé mi lọ pátápátá mọ́.

Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, ẹ má wẹ̀, ẹ di aṣọ tí ẹ wọ̀ sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ tètè dé ilé ìwòsàn, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ tó bá ti kọjá wákàtí 72. L'Ékòó, Mirabel Centre tó wà ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò lọ́fẹ̀ẹ́, àtọkùnrin àtobìnrin. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ irú ibẹ̀ bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá tí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá dá lọ, wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní káńtà.