Ṣé ara ẹ ló yẹ́lò ni, àbí gílóòbù pálọ̀ yín?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ṣe mekọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́lífì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ṣé wọ́ọ̀mù ni mí àbí kúùlù?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé fótò kan ṣoṣo ò lè sọ ọ́. Mi ò ṣe yàngà o, nǹkan ló fà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé dídúdú tàbí pípọ́n lọ́tọ̀, ọndatóònù lọ́tọ̀. Èèyàn lè dúdú bíi kóró iṣin kí abẹ́ àwọ̀ ẹ̀ máa fà sí pupa tàbí búlúù, kúùlù nìyẹn, kí ẹlòmíì tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ máa fà sí yẹ́lò, òun ni wọ́ọ̀mù. Ibi tí fótò ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ohun tí ara wọ́ọ̀mù ń ṣe sí fótò náà ni iná yẹ́lò ń ṣe sí i. Ara wọ́ọ̀mù kì í dá búlúù padà púpọ̀, gílóòbù yẹ́lò tí wọ́n kọ 2700K sí lára páálí ẹ̀ náà, búlúù tó wà nínú ẹ̀ kò tó nǹkan, torí náà tí kámẹ́rà bá rí i pé búlúù kéré lójú èèyàn, kò lè mọ̀ bóyá ara ló fà á àbí iná. Nọ́ńbà K yẹn ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bó ṣe ń ga sí i ni búlúù ń pọ̀ sí i. Ìta lọ́sàn-án máa ń wà ní bíi 5500K, abẹ́ ibòji nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere lè kọjá 7000K, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti búlúù jù, ibẹ̀ lẹni tó jẹ́ wọ́ọ̀mù pọ́ńbélé á ti rí bí ẹni tí kò fi ìpara.

Fóònù á tún wá dá sí i. Ó máa ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ iná ṣe fúnra ẹ̀, gbogbo àwọ̀ tó bá rí nínú fótò ló sì fi ń méfò. Tẹ́ ẹ bá wé gèlè aláwọ̀ ọsàn ńlá kan, tí gèlè yẹn gba ìdajì fótò, fóònù lè rò pé iná ló pọ́n, á wá ti gbogbo ẹ̀ sí ọ̀nà búlúù, ojú yín á ṣì. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wé búlúù níbi kan náà, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ́lò! Ẹnì kan náà, ìrọ̀lẹ́ kan náà.

Ohun tí mo wá máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n di pépà funfun mú, kí ó kan àgbọ̀n, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú náà máa bọ́ sórí ẹ̀. Ìyàwó kan ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gílóòbù pálọ̀ wọn. Nígbà tí mo ka àwọ̀ pépà yẹn lórí fóònù, R tó jẹ́ pupa jẹ́ 240, G tó jẹ́ àwọ̀ ewé jẹ́ 214, B tó jẹ́ búlúù jẹ́ 176, bẹ́ẹ̀ pépà funfun yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àgbọ̀n ẹ̀ jẹ́ R 158, G 104, B 70, tẹ́ ẹ bá wo ìyẹn nìkan ẹ máa ní wọ́ọ̀mù ni. Kí pépà tó lè padà sí 214 yíká, a ní láti dín R kù ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ká fi bíi ìdá 22 kún B. Tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbọ̀n, ó di R 141, G 104, B 85. Àlàfo tó wà láàárín R àti B tó jẹ́ 88 tẹ́lẹ̀ bọ́ sí 56, iná ló ni ìyókù. Ìṣirò fẹ́ẹ́rẹ́ ni o, kò péye tán. Tí pépà bá sì ti funfun jù débi tó fi jẹ́ 255 ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jù ú nù, kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Bákan náà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bá kọjú sí fèrèsé tí èkejì kọjú sí gílóòbù, pépà kan ò lè tún méjèèjì ṣe.

Nọ́ńbà yẹn nìkan ò tíì sọ ọndatóònù, ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé iná ti bu kún un ni. Mo ní kó fa fáńdéṣọ̀n méjì sí àgbọ̀n, kí wọ́n dúdú bákan náà, kí ọ̀kan fà sí yẹ́lò kí èkejì fà sí pupa, kó dúró díẹ̀ torí òmíì máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ, kó wá ya fótò lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ò ti ta sí i lójú tààrà, láìsí fítà. Ohun tó jẹ́ kí eléyìí dáa ni pé ohunkóhun tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe sí ọ̀kan, á ṣe é sí èkejì àti sí ara pẹ̀lú, kí ẹ ṣáà wo èyí tó pòórá. Tìyàwó yẹn, èyí tó yẹ́lò hàn gbangba bí ẹni fi ata ilẹ̀ pupa kun ún, èyí tó pupa ni mi ò rí mọ́. Kúùlù ni.

Ẹ tún lọ wò ó lábẹ́ iná họ́ọ̀lù tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ, torí fáńdéṣọ̀n tó bá ara mu níta lè yapa níbẹ̀.