Ẹ má ka ojú nìkan: ohun tí ọmọ kíláàsì mi kọ́ mi nípa ìdí tí sẹ́ẹ̀lì kì í fi í tóbi

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Bàọ́lọ́jì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń kọ́ni, ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ẹ̀kọ́ ìdí tí sẹ́ẹ̀lì kì í fi í tóbi ni mo fúnra mi yàn fún ọjọ́ náà, torí mo gbà pé mo lè kọ́ ọ lójú oorun.

Mo ya kúùbù 2 sójú pátákó. Ẹ̀gbẹ́ èkíní jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ti èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Mo ní kúùbù ní ojú 6, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dọ́gba. Tí a bá fẹ́ mọ bí ojú òde rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ká wá ti ojú kan, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Tí a bá fẹ́ mọ bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, ká sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga di ìlọ́po ara wọn. Mo kọ ọ́ báyìí:

Kúùbù kékeré: ojú òde 6 × 1 × 1 = 6 cm², inú 1 × 1 × 1 = 1 cm³, 6 ÷ 1 = 6
Kúùbù ńlá: ojú òde 6 × 4 × 4 = 96 cm², inú 4 × 4 × 4 = 64 cm³, 96 ÷ 64 = 1.5

Mo fa ilà sábẹ́ 6 àti 1.5. Mo ní, "Réṣíò ti kékeré ló ga jù, ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì fi máa ń kéré." Mo ti yíjú padà sí pátákó nígbà tí ọmọbìnrin kan ní ìlà kejì nawọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí 96 pọ̀ ju 6 lọ. Kúùbù ńlá ló ní ojú tó pọ̀ jù, oúnjẹ tó máa gba ojú rẹ̀ wọlé náà ló máa pọ̀ jù. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òun ni ebi máa pa?"

Mo dáhùn pé torí réṣíò rẹ̀ kéré ni.

Ọmọ náà kò jókòó. Kò sì rí mi fín rárá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Réṣíò kì í ṣe oúnjẹ, mà. Kí ni réṣíò ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì?"

Ẹnu mi wọhò. Mo wo 96, mo wo 64, mo wo 1.5, n kò rí nǹkan kan tí mo lè sọ tó ju ohun tí mo ti sọ lọ. Kíláàsì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí bíìrò alábẹ̀wò ṣe ń họ ìwé. Ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ mi ti di lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka mi, n kò mọ̀. Níkẹyìn mo ní, "Jókòó, a máa débẹ̀." Ó jókòó. Ó wá pa ìwé rẹ̀ dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé bíìrò rẹ̀ lé e lórí, ó sì káwọ́ jọ. Ìwé tó pa dé yẹn ló dùn mí ju ohunkóhun tí alábẹ̀wò lè kọ lọ. A kò sì débẹ̀ títí agogo fi lù.

Kì í ṣe pé n kò mọ ìṣirò o. Ìṣirò náà tọ́ láti òkè délẹ̀, kódà alábẹ̀wò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti ń kọ́ iye náà fún ọdún mẹ́fà láìbi ara mi léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ́ iṣu tí mo rà ní Ọjà Ọba, mo fi rúlà wọn kúùbù sẹ̀ǹtímítà 4 jáde lára rẹ̀, mo sì gé e sí wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà 1, sẹ̀ǹtímítà 1. 64 ni wọ́n. Lọ́jọ́ Ajé mo gbé e lọ sí kíláàsì nínú abọ́, ọmọbìnrin yẹn ló kà wọ́n, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ló kù tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká dẹ́kun àtimáa ka ojú nìkan. Ká béèrè pé ẹni mélòó ló ń jẹ lára ojú náà. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ní kóńgò gàrí 6, ọmọ 1 ló sì ń bọ́. Ìyá kejì ní kóńgò 96, ṣùgbọ́n ọmọ 64 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Lóòótọ́ ni gàrí ìyá kejì pọ̀ jù. Tí wọ́n bá pín in tán, kóńgò kan àti ààbọ̀ ló máa kan ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó wà nílé ìyá àkọ́kọ́ á gba kóńgò 6. Ohun tí 1.5 ń sọ nìyẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọmọ: gbogbo ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan tó wà nínú ló ń lo ọ́síjìn, tó ń jẹ oúnjẹ, tó sì ń da ìdọ̀tí sílẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì lójú òde ni gàrí, torí ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde. Tí ẹ̀gbẹ́ bá di ìlọ́po 4, ojú òde á di ìlọ́po 16, àmọ́ inú á di ìlọ́po 64. Ọmọ ń pọ̀ sí i ju bí gàrí ṣe ń wọlé lọ. Ọmọ kíláàsì mi tọ̀nà nígbà tó ní oúnjẹ tó ń wọ kúùbù ńlá ló pọ̀ jù. Èmi ni n kò sọ fún un pé iye ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣu inú abọ́ tún fi nǹkan kan náà hàn lọ́nà mìíràn. Kí n tó gé e, ojú òde rẹ̀ jẹ́ 96. Lẹ́yìn tí mo gé e, ẹyọ 64 ni, ojú òde ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 6, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 64 × 6 = 384. Iṣu kò lé, kò dín, inú rẹ̀ ṣì jẹ́ 64. Ojú òde nìkan ló di ìlọ́po 4. Àwọn ọmọ béèrè ibi tí 288 tó lé ti wá, mo sì fi ọ̀bẹ hàn wọ́n: gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá ló ti wà nínú tẹ́lẹ̀, ó ti di òde báyìí. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá pín sí méjì, ó ń sọ inú di òde kí ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan má baà kéré jù. Mo mọ̀ pé mo tún ń padà sórí gàrí yẹn, ẹ fi jì mí, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ fojú rí i, ẹ po áyódíìnì mọ́ omi, kí ẹ sì fi kúùbù iṣu ńlá kan àti kékeré kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ibi tí áyódíìnì bá dé lára iṣu á di dúdú. Ẹ bẹ́ èèpo rẹ̀ dáadáa, torí èèpo kì í jẹ́ kí áyódíìnì wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn tàbí kí wọ́n jókòó sórí ìdí abọ́. Ìyẹn ló ba tèmi jẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ojú iṣu tó kan abọ́ kò dúdú, ó funfun kalẹ̀. Ìgbà kejì, mo fi igi ìtayín tì wọ́n sókè. Nígbà tí mo là wọ́n sí méjì, etí dúdú tó yí wọn ká jẹ́ mílímítà 2 lára àwọn méjèèjì. Ẹ kíyè sí i, áyódíìnì kò wọ inú kékeré jìn ju ti ńlá lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń kọ pé ó yá kánkán jù nínú kékeré, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi funfun tó kù láàárín kúùbù kékeré jẹ́ 0.6 ní ẹ̀gbẹ́, 0.6 × 0.6 × 0.6 = 0.216, èyí tó fi hàn pé áyódíìnì ti dé bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún inú rẹ̀. Ti ńlá jẹ́ 3.6 ní ẹ̀gbẹ́, 46.656 nínú 64 ló ṣì funfun. Bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni áyódíìnì dé. Ẹ kò sì lè ní ẹ máa dúró kó débẹ̀, torí tí ọ̀nà bá di ìlọ́po 2, àkókò tí nǹkan fi ń rá wọlé fúnra rẹ̀ á tó ìlọ́po 4. Bí a bá pín mílímítà 1 sí ọ̀nà 1000, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara ẹranko kò fẹ̀ ju ìpín 10 sí 30 lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdiwọ̀n. Ọmọ kan wọn kúùbù kékeré ní mílímítà: 6 × 10 × 10 = 600, 10 × 10 × 10 = 1000, ó rí 0.6. Ó fi wé 1.5 ti kúùbù ńlá tó wọn ní sẹ̀ǹtímítà, ó sì kọ pé ńlá ló borí. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan, ìdiwọ̀n méjì ló dà pọ̀. Fún kúùbù, 6 ÷ ẹ̀gbẹ́ ni réṣíò máa ń jẹ́, nítorí náà ìdiwọ̀n kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo wọn. Kí wọ́n má sì yí i po sí 1:6, ojú òde ló ń ṣáájú.

Ọmọkùnrin kan ló béèrè èyí tó kẹ́yìn, lọ́tẹ̀ yìí n kò sọ pé kó jókòó. Ó ní, "Pupa ẹyin adìẹ ńkọ́, mà? Ẹ ní sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni." Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, mo sì ti mú ẹyin kan dání. Mo fọ́ ọ sínú àwo, mo rọra yí àwo náà títí àmì funfun kékeré tó wà lórí pupa rẹ̀ fi hàn. Mo ní ibi tó ń mí, tó ń jẹun gan-an nìyẹn, ó tẹ́ pẹẹrẹ lókè, ó sún mọ́ òde. Gbogbo pupa tó kù jẹ́ oúnjẹ tí a kó pamọ́, kò bèèrè ọ́síjìn bí inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ṣe ń bèèrè. Ọmọbìnrin ìlà kejì gbé ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ àwo náà. Ó ní, "Gàrí ni, mà, kì í ṣe ọmọ."